Ẹ Má Pè É Ní Oyún

Bí bátìrì fóònù bá wú ní Àgùdà wa níhìn-ín, yálà lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ata lọ́jà ni o, tàbí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọkọ̀ lọ sí Yábàá lójoojúmọ́, orúkọ kan ṣoṣo ni tọmọdé tàgbà ń pè é: wọ́n á ní bátìrì náà ti lóyún. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n á fi rọ́bà de ẹ̀yìn fóònù kí ó má baà ṣí, wọ́n á sì tún kì í bọ iná lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Mo ti gbọ́ orúkọ yìí títí ó fi sú mi, kì í sì í ṣe pé mo kórìíra àwàdà, bí kò ṣe pé orúkọ a máa roni, orúkọ tí a bá sì fún nǹkan ni a óò fi bá a lò. Oyún ní oṣù tí yóò pé. Sùúrù ni a fi ń gbé e. Ẹni tó bá sì gbà pé bátìrì òun lóyún, sùúrù náà ni yóò mú fún un. Sùúrùlérè ni ìlú wa ń jẹ́, òótọ́ sì ni pé sùúrù lérè nínú ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú sùúrù fún bátìrì tó wú, àdánù ló ń dúró dè.

Ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ láàárín wa, tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe fúnra wọn sì ń tàn kálẹ̀, ni mo fẹ́ bá jà. Ìgbàgbọ́ náà ni pé bátìrì tó wú kò tíì bàjẹ́, ó kàn dàgbà ni. Pé níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gba iná, tó sì ń gbé fóònù, kí a máa mánéèjì rẹ̀ títí owó tuntun yóò fi dé. Àti pé bí wíwú náà bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú rẹ̀, a lè fi abẹ́rẹ́ lu ú kí ó padà bọ̀ sípò. Irọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó gbẹ̀yìn ló sì burú jù.

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kàwé ní yunifásítì, gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ibi tí mo ń fi ìka tẹ̀ yìí ti le koránkorán, kì í wọlé mọ́." Tòkúnbọ̀ ni kọ̀ǹpútà náà, ó sì rò pé eruku ló wọ inú rẹ̀. Mo gbé e sórí tábìlì onígíláàsì, mo fi ìka kan tẹ igun rẹ̀ kan; igun kejì dìde. Mo tẹ ìyẹn, èkíní dìde. Ó ń mì síwá sẹ́yìn bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju ìyókù lọ. Mo pa á dé, ìdérí rẹ̀ kò sì bá ara rẹ̀ mọ́ níwájú, ìwé tí mo ṣẹ́ po ní ìlọ́po mẹ́rin sì ń wọlé, ó ń jáde láàárín wọn láìfarakan nǹkan. Nígbà tí mo wá bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó rántí pé ó ti tó oṣù méjì tí ẹ̀rọ náà ti ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójijì nígbà tí 38% ṣì wà lójú rẹ̀, àti pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa lọ́wọ́ọ́rọ́ kódà nígbà tí kò bá sí lẹ́nu iná.

Àmì tí bátìrì fi ń sọ̀rọ̀ kí ó tó pariwo nìwọ̀nyí. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, abẹ́ ibi tí àtẹ́lẹwọ́ wa ń gbé ni bátìrì dùbúlẹ̀ sí. Bó bá ti ń wú, yóò máa ti ibi tí à ń fi ìka tẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ìyẹn ni kò ṣe wọlé mọ́. Ní ti fóònù, gọ́ọ̀mù tó di ojú rẹ̀ mú ni yóò kọ́kọ́ jáwọ́. Ẹ dojú fóònù kọ ìmọ́lẹ̀ lálẹ́, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan tí ń yọ létí gíláàsì, tàbí tí ìdérí ẹ̀yìn yọ ikùn díẹ̀ ní àárín, ẹ kò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn. Bí òórùn dídùn kan, tó jọ ti nǹkan tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, bá wá ń ti inú rẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àmì. Ọ̀rá bátìrì náà ti lu nìyẹn.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni pé ó ti gbé ẹ̀rọ yìí lọ sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe kan nítòsí ọjà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Atúnfóònùṣe náà wò ó, ó ní, "Kò sí wàhálà, ó lóyún díẹ̀ ni. Ẹ máa mánéèjì ẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà má yọ ọ́ kúrò nínú iná ni." Ọmọ gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti wà lórí ibùsùn, nínú iná, tọ̀sán tòru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

N kò ní bú atúnfóònùṣe náà, nítorí pé mo mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ ti wá. Ó ti ayé Nokia kéékèèké wá, nígbà tí bátìrì jẹ́ ohun tí a lè fi èékánná yọ lẹ́yìn fóònù, tí a kọ BL-5C sí lára, tí páálí irin tó le sì bo gbogbo ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra bátìrì nígbà náà a máa gbé e lé orí gíláàsì, a fi ìka kan ta á. Bí ikùn rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní yí. Bó bá ti wú, á jó fìrìfìrì bí òkòtó, oníbàárà á sì dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Àyẹ̀wò rere ni, mo sì gbóríyìn fún ẹni tó kọ́kọ́ rò ó. Ṣùgbọ́n lára òkòtó yẹn náà ni a ti kọ́ àṣà burúkú: pé bátìrì tó bá ń jó, kí a fi eyín tẹ̀ ẹ́, kí a fi nǹkan wúwo lé e lórí, kí a gbé e sínú fírísà di ọjọ́ kejì, kí a sì máa lò ó lọ. Irin tó bò ó ló gbà wá, kì í ṣe ọgbọ́n wa. Kódà nínú ayé irin yẹn, ní oṣù Ògún ọdún 2007, Nokia fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa BL-5C mílíọ̀nù 46, tí ilé-iṣẹ́ Matsushita ti ilẹ̀ Japan ṣe láàárín oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2005 sí oṣù Bélú ọdún 2006, nítorí pé wọ́n lè gbóná ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí wọ́n bá ń gba iná. Ó sì fi tuntun pààrọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá béèrè. BL-5C ọ̀hún kò sì ju nǹkan bí 1,020 mAh lọ. Fóònù tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé kiri lónìí gbé 5,000, ti kọ̀ǹpútà alágbèéká sì tún ju ìyẹn lọ fíìfíì; dípò irin, ọ̀rá fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi wé e. Ẹni tó bá wá ń fi òfin òkòtó ṣe ìdájọ́ ti òde òní, ó ń fi ojú àná wo òní.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu tú inú rẹ̀ fún yín, níwọ̀n bí a kò ti gbọdọ̀ fi ọwọ́ tú u. Ẹní ni, ẹní tí a ká. Ewé kan jẹ́ bàbà fẹ́lẹ́ tí a fi èédú kíkúnná kùn. Ewé kejì jẹ́ irú páànù fẹ́lẹ́ tí à ń fi wé oúnjẹ, tí a fi ìyẹ̀fun dúdú tó ní lítíọ́ọ̀mù nínú kùn. Láàárín àwọn méjèèjì ni ọ̀rá ààlà kan wà tí kò nípọn tó irun orí. A ká gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹní ìbùsùn, a sì rọ nǹkan olómi kan lé e lórí, tí kì í ṣe omi rárá, nítorí pé bí iná bá kàn án, yóò jó bí epo kẹrosíìnì. Nínú nǹkan olómi yìí ni agbára ń gbà lọ, tó sì ń gbà bọ̀. Ooru, ọjọ́ orí, àti iná tó pọ̀ jù a máa jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Bó bá sì ti ń jẹrà, oríṣiríṣi afẹ́fẹ́ ni yóò máa tú jáde: òmíràn dà bí èyí tí à ń mí síta, òmíràn sì jẹ́ ìbátan gáàsì tí à ń fi se ọbẹ̀. Ọ̀rá ti di pa, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà lọ, ikùn sì ń yọ. Ohun tí ẹ pè ní oyún, ìjẹrà ni. Kò sí fírísà tí yóò sọ ohun tó ti jẹrà di tútù, kò sì sí ohun wúwo tí yóò tẹ̀ ẹ́ padà di ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ti wọlé nìyẹn. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ lu bátìrì rò pé bọ́ọ̀lù ni òun ń jò. Abẹ́rẹ́ kò mọ ibi tí ọ̀rá òde parí sí. Yóò la ọ̀rá ààlà kọjá, yóò so bàbà pọ̀ mọ́ páànù, gbogbo agbára tó yẹ kí ó fi wákàtí mélòó kan rọra jáde yóò sì fẹ́ gba ojú ihò kan ṣoṣo jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ yóò gbóná. Nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí 130 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ọ̀rá ààlà tó kù yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Nígbà náà ni gbogbo ewé ẹní yóò di ọ̀kan, iná yóò sọ, afẹ́fẹ́ inú ikùn náà yóò sì di epo rẹ̀. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni iná yìí ti ń rí ohun jẹ, nítorí náà aṣọ tí a bá dà bò ó kò ní pa á.

Títẹ̀ náà kò sàn ju lílù lọ. Bí ẹnì kan bá rò pé mo ń bẹ̀rù lásán, kí ó rántí Galaxy Note 7 ti Samsung, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Ògún ọdún 2016, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbà padà lọ́wọ́ àwọn tó rà á ní oṣù tó tẹ̀lé e, mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, tí wọ́n sì pa tì pátápátá ní oṣù Ọ̀wàrà, nítorí pé ó ń gbaná. Nígbà tí Samsung sọ ìwádìí rẹ̀ jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2017, ohun tí wọ́n rí nínú irú bátìrì àkọ́kọ́ ni pé igun òkè apá ọ̀tún rẹ̀ há jù, ìpẹ̀kun ewé inú rẹ̀ sì wó níbẹ̀. Tuntun ni bátìrì wọ̀nyẹn, láti ilé-iṣẹ́ tó ní gbogbo ohun èlò ayé. Àyè tó há díẹ̀ ní igun kan ló sọ wọ́n di iná. Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ sí èyí tó ti jẹrà, tí a fi ìdí ìgò tẹ̀ ní abẹ́ páànù ìsọ̀ kan ní Múṣín?

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi yóò sọ. Wọ́n á ní, "A ti lo bátìrì tó wú fún oṣù mẹ́fà, kò sí ohun tó ṣe." Mo gbà. N kò ní parọ́ láti fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn: púpọ̀ jù nínú bátìrì tó wú ni kò ní gbaná láé, wọn yóò kú jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Kò sí atúnfóònùṣe kan, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, tó lè fi ojú tàbí ọwọ́ wo bátìrì méjì tó wú kí ó sọ èyí tí ọ̀rá ààlà rẹ̀ ṣì le àti èyí tí tirẹ̀ ti kù díẹ̀ kó fà ya. Oṣù mẹ́fà tó lọ láìsí ewu kò sì dín ewu oṣù keje kù, nítorí pé gbogbo ìgbà tí a bá tún kì í bọ iná ni afẹ́fẹ́ ń pọ̀ sí i, tí ewé ẹní sì ń wọ́ sí i.

Àṣìṣe kan tún wà tí mo fẹ́ tún ṣe, nítorí pé àwọn tó ń bá wíwú jà náà ń ṣe é. Wọ́n ní bí a bá fi fóònù sí iná mọ́jú, iná yóò kún jù, ni yóò ṣe wú. Fóònù tó pé, pẹ̀lú ṣájà tó pé, a máa dá iná dúró fúnra rẹ̀ nígbà tó bá kún. Kì í gbà ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó ń pa á ni kíkún àti ooru tó pàdé. Ẹ wo bí a ṣe ń gbé ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n: iná dé ní aago mọ́kànlá òru, gbogbo ilé kó ohun gbogbo bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, fóònù wọ abẹ́ ìrọ̀rí, kọ̀ǹpútà dùbúlẹ̀ lórí tìmùtìmù tó dí ihò tó fi ń mí, fèrèsé wà ní títì nítorí ẹ̀fọn. Bátìrì kún ní aago méjì, ó sì wà ní kíkún nínú ooru títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ fi èyí kún ṣájà ayédèrú tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, àti bátìrì tòkúnbọ̀ tó ti darúgbó kí ó tó wọkọ̀ ojú omi. Wíwú ti dé tán. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù tí a kò lò rárá náà a máa wú: èyí tí a tì mọ́ inú àpótí fún ọdún kan, tí agbára inú rẹ̀ tán ráúráú, bàbà inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, lọ́jọ́ tí a bá fi sí iná, bàbà tó ti yọ́ yóò padà dì síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú fóònù pamọ́, kí ó fi í sílẹ̀ ní ìdajì, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Mo padà sórí kọ̀ǹpútà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo yọ ṣájà kúrò lógiri, mo pa ẹ̀rọ náà pátápátá, n kò fi agídí pa ìdérí rẹ̀ dé, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ sórí sìmẹ́ńtì lásán ní bákónì, lábẹ́ òjìji, níbi tó jìnnà sí kọ́tìnì àti sí ìgò gáàsì. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, nítorí pé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ náà. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun tàn án fún wákàtí kan péré kí òun fi kó o jáde. Mo kọ̀. Lọ́jọ́ kejì a gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe kan ní Yábàá tí mo mọ̀ pé kì í kánjú, mo sì dúró tì í. Ó tú àwọn ìdè ìsàlẹ̀, ó kọ́kọ́ fi igi pẹlẹbẹ kan yọ ẹnu wáyà bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù. Kò fi súkúdíráfà hú bátìrì náà, kò sì fi bílóà yọ́ gọ́ọ̀mù. Káàdì ike àtijọ́ kan ló ki bọ abẹ́ rẹ̀, ó ń kán sípírítì tí wọ́n fi ń fọ bọ́ọ̀dù sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró kí gọ́ọ̀mù rọ̀, kò sì jẹ́ kí ó tẹ̀ kọrọdọ nígbà kankan. Ọ̀rá mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta ti wú bí àkàrà inú epo gbígbóná; mẹ́ta tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Ó fi téèpù dí ẹnu wáyà rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sínú ìkòkò amọ̀ tí mo gbé dání, lórí iyanrìn gbígbẹ, a sì da iyanrìn bò ó. Lẹ́yìn náà ló ki ṣájà bọ ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì nínú mọ́. Ó tàn, ọmọ náà sì kó iṣẹ́ rẹ̀ jáde, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti lè ṣe.

Bí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí kùn sìsì tàbí tó ń rú èéfín kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ má gbé e mọ́. Ẹ kó ènìyàn kúrò nínú yàrá, ẹ má fa èéfín náà símú, nítorí pé májèlé wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá lè pa iná gbogbo ilé láìsún mọ́ ọn, ẹ pa á. Iyanrìn púpọ̀ kì í jẹ́ kí iná náà ràn. Omi púpọ̀, lẹ́yìn tí iná mànàmáná ti kúrò, a máa mú un tutù kí ó má baà tún sọ. Bó bá ti kọjá agbára ọwọ́ kan, 767 tàbí 112 ni kí ẹ pè ní Èkó. Ẹ má sì sọ bátìrì tó wú sínú àpò ìdọ̀tí tí ọkọ̀ PSP ń kó, nítorí pé ọkọ̀ náà a máa fún ìdọ̀tí pọ̀. Òfin ìdọ̀tí ẹ̀rọ ti àjọ NESREA wà láti ọdún 2011, àjọ EPRON sì wà fún ìkójọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti béèrè ibi tí wọ́n ti ń gbà á.

Nígbà tí a kúrò ní Yábàá, mo yà sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe àkọ́kọ́ nítòsí ọjà, mo gbé ìkòkò náà dání, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ó fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó fa páálí bísíkíìtì kan jáde lábẹ́ tábìlì rẹ̀, lábẹ́ páànù tó ń mú ooru ọ̀sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù tó ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀. Bátìrì tó wú ló kún inú rẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ lé ara wọn lórí, àwọn tó ti yọ lára fóònù oníbàárà tí ó sì ń tọ́jú nítorí bóyá ẹnì kan yóò nílò wọn. Ó rọra gbé kẹ́ẹ̀gì náà jáde sí òde fúnra rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. A wá garawa onírin méjì, a bu iyanrìn gbígbẹ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lójú ọ̀nà kejì, a fi téèpù dí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ń tò wọ́n ní ipele, iyanrìn láàárín, títí páálí náà fi ṣófo. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n.